Áàpù tó ń ṣọ́ ìbànújẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni láìjẹ́ kó mọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ kọ ọ́ sórí Twitter ní aago 2 òru pé, "Mo kórìíra ara mi." Ẹnì kan wà tó ń tẹ̀ lé yín níbẹ̀, tí ẹ̀yin ò tiẹ̀ rántí mọ́. Láìpẹ́, ímeèlì wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀ pé ó jọ pé inú yín kò dùn. Kò sẹ́ni tó bi yín léèrè tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún yín lẹ́yìn náà. Èyí kì í ṣe àlọ́ o. Ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2014.

Àwọn tó ṣe é kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹgbẹ́ Samaritans ni. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Chad Varah ló dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1953, kí ẹni tó ń rò ó láti gbẹ̀mí ara rẹ̀ lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, láìsí pé àṣírí rẹ̀ tú. Ní 29 Oṣù Kẹwàá 2014, wọ́n gbé áàpù kan jáde, Samaritans Radar.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn. Ẹ fi àkáǹtì Twitter yín forúkọ sílẹ̀. Áàpù náà á wá máa ka ohun tí gbogbo àwọn tí ẹ ń tẹ̀ lé bá kọ ní gbangba, á máa wá gbólóhùn bíi "ó ti sú mi láti máa dá wà" tàbí "mo nílò ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá ti rí i, ó di ímeèlì sí yín. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Àwọn tó gbèjà rẹ̀ ní, ṣebí gbangba ni wọ́n kọ ọ́ sí? Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sunkún lọ́jà mọ̀ pé àwọn tó ń kọjá lè rí òun. Tẹ́nì kan bá wá yan ọmọdé kan tì í lẹ́yìn, tó ní kó máa sáré wá ròyìn ní gbogbo ìgbà tó bá mí kanlẹ̀, ṣé ọ̀kan náà ni? Ojú tó kàn rí i yàtọ̀ sí ojú tó ń ṣọ́ ọ.

Ibi tó le jù rèé: ta ló ń gba ímeèlì náà? Tí àkáǹtì yín bá ṣí sílẹ̀, kò sẹ́ni tó nílò àṣẹ yín kó tó tẹ̀ lé yín. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ lè forúkọ sílẹ̀. Ọkọ àná tó máa ń na ìyàwó náà lè forúkọ sílẹ̀, àti ẹni tó ń fòòró èèyàn lórí ayélujára. Áàpù kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Á kàn máa ta wọ́n lólobó lákòókò tí ẹni náà kò lágbára rárá.

Wọ́n tún ṣe ìwé orúkọ àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n ka tiwọn. Àwọn iléeṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni wọ́n ṣí i fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun ńkọ́? Báwo ló ṣe fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀?

Ṣé ìwé kíkà náà tiẹ̀ péye ni? Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò àfinúrò kan wò ó. Nínú èèyàn 10,000, ká ní 10 ló wà nínú ewu gan-an. Ẹ̀rọ mú 9 nínú wọn, ó sì ṣi ẹnì 1 mú nínú 100 lára àwọn yòókù. Ẹ̀rọ tó dáa nìyẹn, àbí? Síbẹ̀, nǹkan bí 100 ni á ṣì mú. Ímeèlì 109, 9 péré ló jóòótọ́. Ẹ ro bí a ṣe máa ń sọ pé "ebi pa mí kú" lẹ́yìn kíláàsì, kẹ́ ẹ wá ní kí ẹ̀rọ túmọ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí Twitter ló pariwo jù. Wọ́n ní àwọn á ti àkáǹtì àwọn pa, tàbí kí àwọn dákẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe kí ẹni tó ń jìyà má bàa dákẹ́ ló wá fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Àríyànjiyàn dé orí òfin náà, torí òfin ìsọfúnni ara ẹni ti 1998 lọ́hùn-ún ka ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ sí èyí tó nílò ìṣọ́ra gan-an.

Ní 7 Oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn ọjọ́ 9 péré, Samaritans dá áàpù náà dúró. Ní Oṣù Kẹta 2015 wọ́n tì í pa pátápátá. Fóònù wọn ṣì ń dún ní tirẹ̀: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 116 123 ni nọ́ńbà náà, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo ló ń fúnra rẹ̀ pè é.