Ohùn Há, Fóònù Ń Dún: Ohun Tó Yẹ Kí Òṣìṣẹ́ Kọ́ọ̀lù Sẹ́ńtà Kọ Ránṣẹ́ sí Ọ̀gá

Ní kọ́ọ̀lù sẹ́ńtà, ẹni tí orí ń fọ́ lè gbé oògùn mì kó sì rọ́jú jókòó sídìí iṣẹ́. Ẹni tí ohùn rẹ̀ há kò ní ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́ rárá. Síbẹ̀ òun gan-an ni ọ̀gá máa ń fura sí jù, torí pé ara rẹ̀ lè má gbóná, kò dùbúlẹ̀, ó ń rìn, ó sì ń jẹun. Àìsàn tí kò hàn lójú ni, ẹni tó ń ṣe kò sì ní ohùn tí yóò fi ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà ló ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dá oníbàárà lóhùn ní Yorùbá. Ẹ jẹ́ ká fi irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìkẹjà ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ṣíìfù àárọ̀ ló ń ṣe. Ọ̀fìnkìn mú un lọ́jọ́ Ẹtì, ó fi ohùn tó ti ń há ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tó sì jí lọ́jọ́ Àìkú, èémí lásán ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní gògóńgò rẹ̀ ló wú, kó fún ohùn náà ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ lórí Wáàsáàpù:

“Ẹ kú alẹ́ mà. Ara mi ò yá, mi ò ní lè wá lọ́la. Ẹ má bínú mà.”

Kò purọ́, kò sì rí ọ̀gá fín. Àmọ́ ọ̀gá tó fẹ́ to ṣíìfù ọ̀la kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Kí ló ń ṣe é? Ṣé ọjọ́ kan ni àbí ọ̀sẹ̀ kan? Ta ni yóò gba àwọn ìpè rẹ̀? Ohun tí ọ̀gá yóò sì ṣe kò ju ọ̀kan lọ: yóò pè é lórí fóònù. Òṣìṣẹ́ náà yóò gbé e, torí pé ta ni í jẹ́ kí fóònù ọ̀gá dún kú? Yóò wá máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ṣàlàyé pé dókítà ní kí òun má sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yìí kò sì ran ohùn tó há lọ́wọ́. Inú gògóńgò ni awẹ́ ẹran kéékèèké méjì tó ń mú ohùn wá wà, tán-án-ná ni wọ́n ń jẹ́. Bí a bá ń mí, wọ́n á ṣí sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á súnmọ́ra, afẹ́fẹ́ tó ń ti inú ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ á sì mú kí wọ́n máa gbọ̀n, wọ́n á máa kan ara wọn, wọ́n á máa fi ara wọn sílẹ̀. Ti obìnrin máa ń gbọ̀n tó nǹkan bí ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti ọkùnrin sì máa ń tó ìgbà 100 sí 130. Bí ohùn obìnrin bá dún fún ìṣẹ́jú kan gbáko láìdánu dúró, awẹ́ méjèèjì ti kan ara wọn tó ìgbà 12,000 nìyẹn. Ẹ wá wo ẹni tó ń fi odidi ṣíìfù gba ìpè tẹ̀lé ìpè.

Nígbà tí kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ọ̀fìnkìn bá mú kí awẹ́ wọ̀nyí wú, wọ́n á wúwo, wọn kò sì ní í lè pàdé dáadáa mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ohùn fi máa ń jinlẹ̀, tó ń já, tí afẹ́fẹ́ sì ń jò gba àárín rẹ̀. Ẹni tó bá wá ń fipá ti ohùn náà kí oníbàárà lè gbọ́ ọ ń mú kí ohun tó wú máa gbá ara wọn kíkankíkan ni. Nínú ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún gògóńgò wọn pọ̀ bí wọ́n bá ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ kan bá di dandan, kí aláìsàn sọ ọ́ ní ṣókí, kí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ wà nítòsí, kó sì lo ohùn ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Kó má sì máa ṣe “ẹ̀hẹ́m, ẹ̀hẹ́m” láti la ọ̀nà ọ̀fun, torí ìyẹn náà ń gbá wọn mọ́ra. Kó mu omi díẹ̀ dípò rẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni lẹ́tà àìsàn yìí ní láti ṣe: kó jẹ́ kí ọ̀gá lè to ṣíìfù rẹ̀, kó sì gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ìpè. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

“Ẹ kú alẹ́ mà. Ṣíìfù àárọ̀ ni mo wà, ẹ̀ka Yorùbá. Mo rí dókítà lónìí, ó ní gògóńgò mi ló wú. Ohùn mi ò jáde rárá. Ó ní mi ò gbọdọ̀ gba ìpè kankan lọ́jọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Bí ohùn bá ti bọ̀ sípò, màá wọlé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, màá sì fi tó yín létí lálẹ́ Ọjọ́rú. Fọ́tò ìwé dókítà nìyí. Mo ṣèlérí fún oníbàárà kan pé màá pè é láàárọ̀ ọ̀la nípa káàdì tí wọ́n yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ bá mi fún ẹlòmíì. Dókítà ní mo lè ṣe iṣẹ́ tí mi ò ní í lanu. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè máa fèsì ímeèlì àwọn oníbàárà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò ní lè gbé fóònù, ẹ bá mi kọ ọ́ síbí. Ẹ ṣeun mà.”

Gbólóhùn tó ní “mi ò ní lè gbé fóònù” ló máa ń ṣòro kọ jù fún ọmọ Yorùbá, nítorí pé ta ni yóò sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kó má pe òun? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kò sọ pé “ẹ má pè mí.” Ohun tí òun kò lè ṣe ló sọ, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà mìíràn. Ní tèmi, bí ààyè gbólóhùn kan péré bá ṣẹ́ kù, òun ni kí ó kọ.

Ìfèsì ímeèlì tó fi lọ ọ̀gá kì í ṣe dandan. Bí ibà bá wà pẹ̀lú ọ̀fìnkìn náà, kí ó yọ ọ́ kúrò, kí ó lọ sùn. Ibí sì ni ìwé dókítà ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀. “Kí ó sinmi kúrò lẹ́nu iṣẹ́” yàtọ̀ sí “kí ó sinmi ohùn.” Ìwé tó bá kàn dárúkọ àìsàn láìsọ ohun tí aláìsàn kò gbọdọ̀ ṣe lè mú kí ọ̀gá ní kó wá jókòó, kó máa gba ìpè díẹ̀díẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ tó kúrò níwájú dókítà, kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́ ní kedere: kó má gba ìpè, iye ọjọ́, àti bóyá ó lè ṣe iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Kí ó béèrè bákan náà bóyá dídákẹ́ pátápátá ni dókítà ń wí. Ìyẹn kì í sábà pọn dandan fún ohùn tí ọ̀fìnkìn mú há. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ní tán-án-ná, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ da sí i lára níbi tó ti ń pariwo, ni wọ́n sábà máa ń ní kó panu mọ́ pátápátá.

Ìwé yìí wúlò lábẹ́ òfin pẹ̀lú. Abala 16 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ tí àìsàn ìgbà díẹ̀ mú kúrò níbi iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 láàárín ọdún kan, bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin bá jẹ́rìí sí i. Ìwé oníkẹ́míìsì kò tó fún èyí. Òfin náà kò sì ka gbogbo ẹni tó ń gbowó oṣù kún òṣìṣẹ́, nítorí náà ó yẹ kí kálukú yẹ ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹni tó sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ló gbà á, tó kàn ń jókòó sí ọ́fíìsì ẹlòmíràn, ibi méjèèjì ni kó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí.

Kí ni kí ó wá lò? Oògùn apakòkòrò tí ọ̀pọ̀ ń sáré lọ rà ní kẹ́míìsì kò ràn án lọ́wọ́, torí pé irú kòkòrò tó sábà ń fa àìsàn yìí kì í gbọ́ tirẹ̀. Orógbó ńkọ́? Àwọn olórin àti oníwàásù fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sí ohun tó burú bí ẹnì kan bá jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má rò pé orógbó ti dípò ìdákẹ́. Omi mímu lemọ́lemọ́, jíjìnnà sí èéfín sìgá àti èéfín jẹnẹrétọ̀, àti àkókò ni oògùn rẹ̀ gan-an. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, kí ó ka ojú ìwé kan sókè bó ṣe máa ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Bí ohùn bá já, tàbí tó ń ro ó lọ́fun kó tó kà á tán, kò tíì yá, àlẹ́ náà sì ni kí ó ti kọ̀wé sí ọ̀gá, kó má di aago mẹ́fà àárọ̀. Bó bá yá tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, kó ṣọ́ra fún ariwo. Ní ọdún 1911, dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Étienne Lombard ṣàlàyé pé bí ariwo bá yí ènìyàn ká, ohùn rẹ̀ á lọ sókè láìmọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tí ogún ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Kí ó ní kí wọ́n fún un ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ògiri, tó jìnnà sí ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí ènìyàn lójú, kó sì mú gbohùngbohùn súnmọ́ ẹnu dáadáa, kó lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Bí ohùn bá há kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọ̀gá kò tó mọ́. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni kó lọ rí, kó fi kámẹ́rà tín-ín-rín wo gògóńgò náà, torí pé kókó tàbí jẹjẹrẹ lè fara pamọ́ sẹ́yìn ohùn tó há, pàápàá lára ẹni tó ń mu sìgá. Ẹni tí mímí bá ṣòro fún, tí kò lè gbé itọ́ mì, tàbí tó ń húkọ́ ẹ̀jẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ kankan. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn bá a kọ̀wé sí ọ̀gá.