Lífìtì Mẹ́ta, Ènìyàn Ẹgbẹ̀ta

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, nígbà tí agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wọ ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́wàá kan ní Erékùṣù Èkó. Ìlà àwọn tó ń dúró de lífìtì ti kọjá tábìlì àwọn sikiọ́rítì, ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn gíláàsì. Lífìtì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti kú, wọ́n sì ti lẹ páálí mọ́ ọn lẹ́nu. Obìnrin kan tó gbé kúlà oúnjẹ dání wo ìlà náà látòkè délẹ̀, ó bọ́ bàtà gogoro rẹ̀ sínú báàgì, ó sì forí lé àtẹ̀gùn.

Méjì ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́ta. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó yóò ní ìdúró kò yẹ kó ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ àwọn tó wà lórí ìlà yẹn ń dúró fún ìṣẹ́jú méje, nígbà tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ṣiṣẹ́, wọn kì í dúró tó ìṣẹ́jú kan. Ohun tó fà á hàn kedere nínú ìṣirò tí àwọn ẹnjiníà máa ń ṣe kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni ìṣirò náà ń dáhùn, wọn kì í sì í ṣe ìbéèrè kan náà. Èkíní: ènìyàn mélòó ni àwọn lífìtì yìí lè kó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún tí èrò pọ̀ jù? Èyí ni agbára ìkérò. Èkejì: báwo ni ẹni tó tẹ bọ́tìnnì yóò ṣe dúró pẹ́ tó? Èyí ni àkókò ìdúró. Fún ilé ọ́fíìsì, òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilé ń tẹ̀ lé lónìí ni pé kí lífìtì lè kó ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, kí lífìtì kan sì máa kúrò nísàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ́kọ́ńdì sí ọgbọ̀n sẹ́kọ́ńdì.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan tó jọ èyí tí mo wọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Àjà mẹ́wàá ló wà lókè ìsàlẹ̀ ilé, ọgọ́ta ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ lórí àjà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn jẹ́ 600. Lára lífìtì rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ènìyàn 13 ló gbà, tàbí kílógíráàmù 1,000. Ẹnjiníà kì í fi 13 yẹn ṣírò, nítorí àwa ènìyàn kì í fara mọ́ra wa bí ẹja inú agolo. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń mú, ìyẹn bíi ènìyàn mẹ́wàá. Nílùú tí báàgì kọ̀ǹpútà àti kúlà oúnjẹ ti ń bá ènìyàn wọ lífìtì, mẹ́wàá gan-an ni ojú mi máa ń rí.

Gbogbo ìṣirò yòókù dá lórí àlọ àti àbọ̀ lífìtì kan: láti ìgbà tó ṣílẹ̀kùn nísàlẹ̀, tó kérò, tó gòkè lọ já wọn sílẹ̀, títí tó fi padà wá ṣílẹ̀kùn nísàlẹ̀. Ó dà bí dáńfó. Dáńfó tí gbogbo èrò rẹ̀ ń lọ sí ibì kan yóò tètè padà wá kérò míì. Èyí tí èrò rẹ̀ ń kígbe "ó wà o!" ní gbogbo bọ́sítọ́ọ̀pù ni yóò pẹ́. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ mọ iye ibi tí lífìtì máa dúró. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá wọlé, tí oníkálukú sì lè máa lọ sí èyíkéyìí nínú àjà mẹ́wàá, ibi mélòó ni yóò dúró? Kò lè jẹ́ mẹ́wàá, nítorí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn á máa lọ sí àjà kan náà. Bassett Jones, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ìṣirò yìí ní 1923, wọ́n sì ń lò ó títí dòní. Ẹ mú àjà kan ṣoṣo: ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan má lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú mẹ́wàá. Kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá má lọ síbẹ̀ rárá, 0.9 la máa sọ di púpọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá, yóò sì fún wa ní 0.35. Èyí túmọ̀ sí pé lífìtì yóò fo àjà mẹ́ta àtààbọ̀, yóò sì dúró ní mẹ́fà àtààbọ̀.

Ó kù ká ka sẹ́kọ́ńdì. Bí àjà kan bá ga ní mítà 3.6, tí lífìtì sì ń sáré mítà 1.6 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìrìn lókè-lódò nìkan yóò gbà á ní nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 43. Ibi kọ̀ọ̀kan tó bá ti dúró, yóò dẹsẹ̀, yóò ṣílẹ̀kùn, yóò tì í, yóò tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ki eré. Ẹ fún un ní sẹ́kọ́ńdì 7.5. Tí a bá ka ìdúró ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 56. Ènìyàn mẹ́wàá yóò wọlé, wọn yóò sì jáde, nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 1.2 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: 24. Àlọ àti àbọ̀ wá jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 123.

Ẹ wò ó dáadáa: ìrìn gan-an kò tó ìdajì. Ilẹ̀kùn àti ènìyàn ló ń jẹ àkókò jù. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń dùn mí nígbà tí onílé bá náwó lórí lífìtì tó ń sáré, tó sì ra ilẹ̀kùn tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Bí a bá gbé eré lífìtì inú àpẹẹrẹ wa láti mítà 1.6 sí 2, nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì márùn-ún péré la máa rí jèrè, nítorí láàárín àjà kan sí èkejì, kì í ráyè sá eré yẹn tán kó tó tún dẹsẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá fi sẹ́kọ́ńdì kan péré yá ju tàtijọ́ lọ níbi ìdúró kọ̀ọ̀kan, sẹ́kọ́ńdì 7.5 la jèrè yẹn.

Tí lífìtì mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́, a ó pín 123 sí mẹ́ta: ọ̀kan yóò máa kúrò nísàlẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdì 41 sí 41. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, wọn yóò kó ènìyàn 73. Àwọn tó ń dé, ìyẹn ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún 600, jẹ́ 72. Ẹni tó ń ta ilé yóò ní ó tó, kò sì parọ́, ènìyàn kan péré ló fi tó. Àmọ́ sẹ́kọ́ńdì 41 ti ju 30 lọ. Ìdúró ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àlàfo yìí nígbà tí lífìtì bá ń kún dé ìwọ̀n tí a sọ, nítorí náà yóò jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 35. Kì í ṣe ìdajì àlàfo, bí ènìyàn ṣe lè rò, nítorí lífìtì míì á ti kún kó tó kan àwọn kan, àwọn yẹn á sì dúró de èyí tó ń bọ̀.

Ọ̀kan wá kú. Àlàfo di sẹ́kọ́ńdì 61.5, àwọn tí lífìtì méjì lè kó sì di 49 ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n 72 ṣì ń dé. Ènìyàn 23 ló ṣẹ́kù sílẹ̀ nínú ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, 23 míì nínú èkejì, 23 nínú ẹ̀kẹta. Bí èrò bá ń dé bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, nǹkan bí àádọ́rin ènìyàn ti wà lórí ìlà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú méje. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí àwọn tó ń dé bá ti ju àwọn tí lífìtì ń kó lọ, ìlà kì í gùn sí i díẹ̀ kó sì dúró. Gígùn ni yóò máa gùn títí èrò yóò fi dáwọ́ dúró.

Tí wọ́n bá ti ṣe lífìtì mẹ́rin síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àlàfo yóò jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 31, wọn yóò lè kó 97, bí ọ̀kan bá sì kú, mẹ́ta tó kù yóò ṣì kó 73. Lífìtì kẹrin yẹn ń jẹ àyè tí onílé ì bá fi pawó lórí gbogbo àjà, mo mọ̀. Síbẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ọjọ́ àtúnṣe di ọjọ́ àtẹ̀gùn. Ríra lífìtì ńláńlá mẹ́ta kò dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀: bí ènìyàn 16 bá wọ ọ̀kan, yóò dúró ní ibi mẹ́jọ dípò mẹ́fà àtààbọ̀, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ yóò sì di nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 150. Yóò kérò sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlàfo yóò di 50.

Iye ènìyàn inú ilé ni àṣìṣe ti máa ń wọ inú ìṣirò yìí jù. Ọgọ́ta la kọ sórí ìwé fún àjà kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ayálégbé kan pín àjà tirẹ̀ sí ọ́fíìsì kéékèèké, òmíràn kó àwọn tó ń gba ìpè oníbàárà wá, àádọ́rùn-ún ènìyàn sì wà níbi tí ọgọ́ta wà. Nígbà náà, ìdá 12 jẹ́ 108, lífìtì mẹ́rin pàápàá kò sì ní lè kó wọn. Òmíràn ni iná. Ilé tó ní lífìtì mẹ́rin, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì ń gbé méjì péré, ilé lífìtì méjì ni nígbàkígbà tí iná bá lọ. Ìṣirò àárọ̀ kò sì bo ọ̀sán: ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kírun, tí àwọn míì ń lọ jẹun, tí àwọn kan sì ń gòkè bọ̀, lífìtì ń dúró lókè àti lódò. Fún irú èyí, orí kọ̀ǹpútà ni ẹnjiníà ti máa ń dán an wò, pẹ̀lú ènìyàn àtọwọ́dá tó ń tẹ bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ lè fi fóònù yín mọ ipò tí ilé kan wà. Ẹ dúró nísàlẹ̀ láti aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú 15 títí di mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 15, kí ẹ máa kọ ìgbà tí lífìtì kọ̀ọ̀kan bá gbéra àti iye tó kó. Bí ìlẹ̀kùn bá tì tí àwọn kan ṣẹ́kù síta lemọ́lemọ́, agbára ìkérò ni kò tó. Bí gbogbo ènìyàn bá ń ráyè wọlé, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń dúró pẹ́, àlàfo ló jìn. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá sì máa ń dé pa pọ̀, tí ìsàlẹ̀ á wá dá páropáro fún ìgbà pípẹ́, lífìtì ló tó, ẹ̀rọ tó ń darí wọn ni kò ṣe dáadáa. Ẹ pe ẹni tó ń tún un ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ọ́fíìsì, ẹ má fi ọ̀sán Sátidé lọ wo ilé. Ẹ lọ ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹ sì bi onílé ní ohun mẹ́ta kí ẹ tó sanwó: ènìyàn mélòó ló wà nínú ilé yìí báyìí, lífìtì mélòó ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, bí ọ̀kan bá sì kú, mélòó ni àwọn tó kù lè kó ní ìṣẹ́jú márùn-ún?