Èló Ni Ká Máa Fi Ránṣẹ́ Sílé?

Ẹni tó bá ń gbé Àbújá yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Lójú àwọn ará ilé, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni ni bàbá àwọn ọmọ mi ní Kubwa, èmi sì ń ránṣọ, ṣùgbọ́n bí oṣù bá ti ń parí lọ báyìí ni ìpè á bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀fà àti Ìlọrin. Gáàsì tán nílé ẹnì kan, wọ́n lé ọmọ ẹlòmíràn wálé nítorí owó ilé-ìwé, ẹ̀gbọ́n kan fẹ́ ṣe òkú.

À ń san ₦50,000 lóṣooṣù lórí ìdajì pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan nígbà náà. Oṣù méjì kọjá, a kò rí i san. Ẹni tó ta ilẹ̀ fún wa wá kọ̀wé pé bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, òun yóò gba ilẹ̀ náà padà, òun yóò sì yọ nǹkan nínú owó tí a ti san. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni tọkọtaya wa jókòó.

A kò kọ́kọ́ bi ara wa pé èló ni kí á máa fún wọn. A kọ́kọ́ wá iye tí a ti fún wọn. A ṣí àkáǹtì àwa méjèèjì lórí fóònù, a wo oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, a sì kọ orúkọ ẹni tí a fi owó ránṣẹ́ sí àti iye rẹ̀ sínú ìwé àwọn ọmọ. Èyí tí a fún wọn lọ́wọ́, a fi kún un bí a ṣe rántí. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦171,000, ìyẹn ₦57,000 lóṣù kan. Ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ti búra pé kò tó ìdajì rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún níhìn-ín, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lọ́hùn-ún, kò sí èyí tó dun ènìyàn nígbà tó ń jáde.

Orúkọ tó wà níbẹ̀ tún yà wá lẹ́nu ju iye owó náà lọ. Ìyá ọkọ mi, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu, gba ₦30,000 fún oògùn rẹ̀ ní oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àbúrò mi ọkùnrin gba ₦64,000, lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Aṣọ ẹbí kó ₦42,000 lọ, àwọn yòókù pín ₦35,000. Mama kì í tọrọ. Ẹni tó ń pè jù ni owó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo pe àbúrò mi, mo ní kí ó sọ òótọ́ fún mi. Ṣé pàjáwìrì mẹ́sàn-án ni lóòótọ́? Kò pẹ́ tó fi jẹ́wọ́. Ó gba ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹnì kan, yóò máa sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọ̀kadà yóò fi di tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń jẹ ọ́ìlì, ó ń rú èéfín, kò sì lè ṣiṣẹ́ ju ìdajì ọjọ́ lọ. Owó ọ̀sẹ̀ tí kò rí pa ni àwa ń bá a san láti Kubwa, tí ó sì ń pè é ní oúnjẹ tàbí àìsàn ọmọ. Nígbà tí ìbéèrè kan bá ń padà wá ní ọjọ́ tí kò jìnnà síra, tí iye rẹ̀ sì jọra, ó yẹ kí á fura pé gbèsè kan wà nídìí rẹ̀. Mẹkáníìkì ní ₦35,000 ni yóò tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. A san án fún mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, a sì sọ fún àbúrò mi pé a kò ní san owó ọ̀sẹ̀ mọ́. Ó bínú fún nǹkan bí oṣù méjì. Mo jẹ́ kí ó bínú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá ṣe ìṣirò tiwa. Owó oṣù bàbá wọn jẹ́ ₦210,000. Fún iṣẹ́ aṣọ mi, ₦90,000 ni a kọ, nítorí iye tí mò ń rí ní oṣù tí ọjà bá dá nìyẹn. Oṣù Kejìlá àti àsìkò Iléyá máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi owó oṣù ọdún ṣèlérí yóò wọ gbèsè ní oṣù Kejì. Nínú ₦300,000 yẹn, a yọ ₦220,000 fún oúnjẹ, ọkọ̀, iná àti dátà, pẹ̀lú owó ilé àti owó ilé-ìwé tí à ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ilẹ̀ gba ₦50,000. Ohun tó kù jẹ́ ₦30,000. A mú ₦25,000 fún àwọn ẹbí, a fi ₦5,000 sílẹ̀ fún ara wa.

₦10,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti oògùn Mama, ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé ni ó ń lọ. ₦15,000 yòókù wà nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, òun ni a fi ń dá gbogbo ìpè lóhùn. Bí ó bá ṣẹ́kù, ó di ti oṣù tó ń bọ̀. Bí ó bá tán, ó tán. Aṣọ ẹbí kò sí nínú rẹ̀ àfi ti ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá wa. Ti àwọn yòókù, a fi owó díẹ̀ sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, a wọ ohun tí a ní.

Ní oṣù kejì, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àbúrò ọkọ mi obìnrin nígbà tó fẹ́ bímọ, owó ọsibítù sì jẹ́ ₦280,000. Owó inú àkáǹtì yẹn ti tán. Ọkọ mi pe àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ jọ lórí fóònù, olúkúlùkù sọ ohun tó lè ṣe. Tiwa jẹ́ ₦15,000. A yá a nínú owó ilé-ìwé, inú àkáǹtì ọsibítù tààrà ni a san án sí, a sì fi ti oṣù tó tẹ̀ lé e dí i. Ní oṣù náà, yàtọ̀ sí Mama, ẹnikẹ́ni kò gba nǹkankan lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ṣòro jù. A kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀ mọ́. “Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ mi, màá pè yín ní Sátidé.” Bí Sátidé bá pé, a gbọ́dọ̀ pè lóòótọ́, kí á dárúkọ iye pàtó: “Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni agbára mi ká.” Ẹni tó bá ní òun yóò wá nǹkan ṣe, tí kò sì pè, ti mú kí onítọ̀hún máa dúró dè é, ìyẹn sì ń bí wọn nínú ju kí á ní kò sí lọ. Bí ó bá jẹ́ lórí Wasáàpù ni ìbéèrè ti wá, a máa ń pè kí á gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí àwọn gbájúẹ̀ ń gba ojú ìwé oníwàásáàpù láti fi tọrọ owó lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Olúkúlùkù wa ló sì ń dá àwọn èèyàn tirẹ̀ lóhùn. Bí èmi bá lọ sọ fún ẹbí ọkọ mi pé kò sí, ìyàwó ni kò jẹ́ kí ọmọ wọn ṣe nǹkan nìyẹn.

A kò san yá-mi-n-dá-a-padà mọ́ fún ẹbí. Ohun tí a bá lè gbàgbé ni a ń fún wọn, kódà bí ẹni náà bá ní òun yóò dá a padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A kì í sì í ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ yá owó, nítorí iye tí onídùúró yóò san kì í ṣe òun ni yóò yàn án.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni a tún ń wò ó. Owó ilẹ̀ kò fò wá mọ́. Ohun tí a kò tíì mọ bí a ó ṣe ṣe ni ti ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tí kì í pè rárá. Ó máa ń wọ ọkọ̀ wá sí Kubwa fúnra rẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, yóò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, owó ọkọ̀ tí yóò fi padà sílé nìkan sì ti ju ohun tó wà nínú àkáǹtì lọ.