Bí Eré Ìfọwọ́kàn Ṣe Ń Tu Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi Tí Ariwo Kíláàsì Ń Dà Láàmú Lára

Ní Súù Róòdù, òpópónà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹranko ìlú Kánò kọjá, ariwo kì í dáwọ́ dúró lójú ọ̀sán. Fèrè ọkọ̀ ń dún, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń sáré, ẹ̀rọ amúnáwá sì ń kùn. Bí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi 30 bá tún ń ka á-bí-dí pọ̀ nínú yàrá onísìmẹ́ńtì tí a fi páànù bò, ohùn wọn yóò máa lu ògiri, yóò sì máa padà sí wọn létí. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 1999 ni pé kí ariwo abẹ́lẹ̀ inú kíláàsì má ṣe ju désíbẹ́lì 35 lọ nígbà ẹ̀kọ́. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ènìyàn méjì lásán sì tó nǹkan bí 60.

Ọ̀pọ̀ ọmọ a máa fara da irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ọpọlọ wọn kì í lè ya ohùn olùkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìró yòókù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa fọwọ́ di etí, a máa sá sí abẹ́ tábìlì, tàbí kí ó ti ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dànù. Oríkunkun kọ́, ara rẹ̀ ni kò gbà á mọ́.

Jean Ayres, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé kan ní ọdún 1972, gbà pé ohun tí awọ ara, iṣan àti oríkèé ń gbọ́ lè ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti wà létòlétò. Ìdí nìyí tí a fi ń fún ọmọ ní ohun tí yóò fún, tí yóò pò, tàbí tí yóò rọra dà. Ohun èlò náà kò sì gbọdọ̀ pariwo: ìrẹsì tí a ń dà sínú abọ́ irin yóò tún dá kún ìyọnu. Bàsíà oníke tí a gbé ka orí aṣọ ìnura tí a ṣẹ́ po ni ó dára jù.

Ìyẹ̀fun pípò rọrùn láti ṣe. Ẹ da ife fúláwà 2 pọ̀ mọ́ ìlàjì ife iyọ̀ àti ṣíbí òróró 2, kí ẹ sì máa fi omi sí i díẹ̀díẹ̀, títí dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife, títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Iyọ̀ púpọ̀ léwu fún ọmọdé. Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣì ń ju nǹkan sẹ́nu, ẹ má fi iyọ̀ sí i, kí ẹ sì máa po tuntun lójoojúmọ́. Omi àti fóòmù tí ọmọ yóò máa fún náà dára, ṣùgbọ́n kí omi má ṣe jìn ju ìwọ̀n ìka 2 tí a tò pọ̀ lọ, kí àgbàlagbà má sì kúrò níbẹ̀, nítorí omi díẹ̀ lè pa ọmọdé. Lásìkò ọyẹ́, kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ ọdún 4 kan tí ó máa ń bú sẹ́kún bí kíláàsì bá ń kàwé pọ̀ ní agogo 10 àárọ̀. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ àkókò tí ẹkún ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, kí ó mú ọmọ náà lọ sí igun tí ó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú 5 kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀, kí ó gbé ìyẹ̀fun náà síwájú rẹ̀ láì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó. Bí èémí rẹ̀ bá rọlẹ̀, tí èjìká rẹ̀ rọ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, eré náà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbọn ọwọ́, tí ó sì ń fà sẹ́yìn, ohun tí ó rọ̀ yẹn gan-an ni kò bá a lára mu: kí wọ́n fún un ní ṣíbí, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. A kì í fi ipá ṣe é, a kì í sì í fi igun náà jẹ ọmọ níyà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa sá fún un.

Eré yìí ní ààlà. Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ẹ̀rí tí ó wà lórí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀, wọ́n sì ní kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí. Ó lè fi ara ọmọ balẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dín ariwo kù. Ẹní lórí ilẹ̀, aṣọ tí a fi kọ́ ògiri àti kíkàwé ní ẹgbẹ́ kéékèèké ni yóò ṣe èyí. Bí etí ọmọ bá ń ṣọyún, bí kì í bá dáhùn nígbà tí a bá pe orúkọ rẹ̀, tàbí bí ó bá pàdánù ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ ọ́n sọ tẹ́lẹ̀, kí àwọn òbí tètè gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn níbi tí wọ́n ti lè yẹ etí rẹ̀ wò, irú bí Ilé-ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Àmínù Kánò.