Ohun tó ń tú bóòtì fálánjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù omi

Ọ̀yọ́ ní adágún omi Erelú, tí wọ́n ṣe ní 1961. Ògbómọ̀ṣọ́ ní adágún Ọbà, tó dé ní 1964. Omi irú adágún bẹ́ẹ̀ kì í dá rìn wọ ìlú. Pọ́ǹpù ló ń tì í gba inú páìpù irin, ibi tí páìpù bá sì ti pàdé pọ́ǹpù, fálánjì ló máa ń wà níbẹ̀: àwo irin méjì tó kọjú síra, gásíkẹ́ẹ̀tì láàárín wọn, bóòtì yí wọn ká. Ojú ibẹ̀ ni omi ti sábà máa ń jo. Ẹni tó ń tọ́jú pọ́ǹpù á mú sípánà, á fún nọ́ọ̀tì, omi á dá. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe líle nọ́ọ̀tì ló ń so àwo méjèèjì pọ̀. Bóòtì tó nà ni. Bí a ti ń yí nọ́ọ̀tì, bóòtì ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀, ó sì fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Ìfẹ́ àtipadà yẹn ló ń fún àwo méjèèjì mọ́ra, bí ọṣán dùndún tí wọ́n fà le ṣe ń di awọ mú sẹ́nu igi ìlù. Ìfà yìí ni iṣẹ́ bóòtì. Bó bá dín kù, gásíkẹ́ẹ̀tì á dẹ̀, kódà bí nọ́ọ̀tì kò bá tíì yí rárá.

Báwo la ṣe ń mọ ìfà tó yẹ? Ẹ jẹ́ ká mú páìpù tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 150, tí fálánjì rẹ̀ jẹ́ irú tí wọ́n kọ PN16 sí lára. Bóòtì mẹ́jọ ló ń gbà, M20 ni gbogbo wọn. Ká ní ìwọ̀n agbára omi inú rẹ̀ jẹ́ báà 10. Tí a bá ka ojú tí omi ń tì dé àárín gásíkẹ́ẹ̀tì, omi yẹn ń ti àwo méjèèjì kúrò lára wọn pẹ̀lú agbára tó tó kílóníútọ̀n 28. Tí a bá pín in sí mẹ́jọ, ohun tó kan bóòtì kọ̀ọ̀kan kò ju kílóníútọ̀n mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ.

Ó lè dà bíi pé ìfà mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó nígbà náà. Kò tó. Gásíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wọ gbogbo ibi tó há àti ibi tó ní ihò lójú irin kó tó lè dí omi lọ́nà, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù tó nínú ìfúnpọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti rọ̀. Bóòtì náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Èyí tí wọ́n kọ 4.6 sí lórí, M20, lè gba nǹkan bíi kílóníútọ̀n 55 kó tó nà títí láé. Ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 33, ó ju ìwúwo tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ lórí bóòtì kan ṣoṣo. Mẹ́jọ irú rẹ̀ á tẹ gásíkẹ́ẹ̀tì oníhunhun pẹ̀lú bíi níútọ̀n 20 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá irú gásíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ mu. Bó bá jẹ́ rọ́bà rírọ̀ ni, agbára yìí á fún un tú síta. Ìdí nìyí tí kì í fi ṣe bóòtì nìkan là ń wò tí a bá ń yan ìfà: gásíkẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń sọ ibi tó yẹ ká dúró.

Ìṣòro wá ni pé kò sẹ́ni tó lè fojú rí ìfà. Ohun tí a lè wọ̀n ni agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì, èyí tí sípánà ìwọ̀n máa ń fi hàn. Ìṣirò tó so méjèèjì pọ̀ kúrú:

T = K × d × F

T ni agbára ìyí, d ni ìwọ̀n ìbú bóòtì, F ni ìfà. K dúró fún bí irin ṣe ń ha irin nígbà tí nọ́ọ̀tì ń yí. Fún bóòtì gbígbẹ, K máa ń tó 0.2. Nítorí náà 0.2 × 0.020 × 33,000 fún wa ní níútọ̀n mítà 132. Ẹni tó bá fi ìwúwo kílò 27 tẹ orí sípánà tó gùn ní ìdajì mítà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀.

K yìí ló ń pa iṣẹ́ lára jù. Nínú agbára tí a fi yí nọ́ọ̀tì, bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ìhanra ń jẹ, lábẹ́ nọ́ọ̀tì àti lójú ìdè rẹ̀. Bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń na bóòtì. Tí ẹnì kan bá wá fi gíríìsì kun bóòtì, K lè sọ̀ kalẹ̀ sí 0.12. Bó bá tún fún un dé 132 kan náà, ìfà á fò dé 55, ibi tí bóòtì 4.6 ti ń bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ gan-an. Bóòtì tó ti ru ìpẹtà á ṣe òdìkejì: sípánà á ní ó ti tó, ìfà kò tíì tó. Kódà níbi tí gbogbo nǹkan ti mọ́, ìfà tí a fi sípánà ìwọ̀n wá lè yàtọ̀ tó ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, sókè tàbí sísàlẹ̀. Bóòtì ọjà tí kò sí nọ́ńbà kankan lórí rẹ̀, ká kà á sí èyí tó lágbára kéré jù ló bọ́gbọ́n mu.

Lẹ́yìn náà ni ìgbọ̀nrìrì tó dé. Mọ́tò iná mànàmáná tó ń yí pọ́ǹpù sábà máa ń yí bíi ìgbà 1,450 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ní yíyí kọ̀ọ̀kan, ó ti gbọ̀n ju ìgbà 80,000 lọ láàárín wákàtí kan. Ní 1969, Gerhard Junker, ẹnjiníà ará Jámánì, fi ìdánwò hàn pé ìgbọ̀n tó ń fa bóòtì sókè sódò kọ́ ló ń tú u jù. Ìyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Nígbà tí àwo kan bá ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí èkejì, ìhanra tó ń di nọ́ọ̀tì mú á pàdánù agbára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré, bóòtì tó nà á sì máa tì í padà díẹ̀díẹ̀ lórí ìdè rẹ̀. Ìwádìí rẹ̀ kò yọ wáṣà onísípíríngì sílẹ̀: irú wáṣà yẹn kì í dá ìtúsílẹ̀ dúró nígbà tí ìyọ̀ bá wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Potters Bar ní oṣù Karùn-ún 2002, nọ́ọ̀tì tó ti tú lára ibi tí ọ̀nà ojú irin ti ń yà wà lára ohun tó fa ìjàǹbá ọkọ̀ tó pa èèyàn méje.

Ìfà tó tó ló ń dènà ìyọ̀, nítorí àwo tí a fún pọ̀ dáadáa kì í yọ̀. Ṣùgbọ́n ìfà máa ń sálọ kí ìgbọ̀nrìrì tó dé pàápàá. Bóòtì wa yìí, tó di bíi mìlímítà 50 irin mú, kò nà ju nǹkan bíi 0.03 mìlímítà lọ lábẹ́ kílóníútọ̀n 33. Ipele ọ̀dà lójú fálánjì lè nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀dà bá fọ́ tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì bá rọ̀, apá ńlá nínú ìfà ti lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń ha ọ̀dà kúrò lábẹ́ nọ́ọ̀tì, tí a sì ń di páìpù tó wúwo mú lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, kó má fi ara rọ̀ mọ́ fálánjì pọ́ǹpù.

Fífún rẹ̀ náà ní ètò. A kì í fún bóòtì kan tán ká tó lọ sí èkejì. A ń rékọjá láti bóòtì kan sí èyí tó kọjú sí i, 1, 5, 3, 7, 2, 6, 4, 8, kọ́kọ́ dé níútọ̀n mítà 40, lẹ́yìn náà 90, lẹ́yìn náà 132. Nígbà náà la tó wá tò wọ́n yíká lẹ́ẹ̀kan sí i, títí nọ́ọ̀tì kankan kò fi ní yí mọ́. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, nígbà tí gásíkẹ́ẹ̀tì ti rọ̀, a tún ń fún un dé 132, kí omi tó wọ inú páìpù. Lẹ́yìn èyí la ń fi ọ̀dà fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ojú fálánjì. Bí ìlà náà bá ti ya lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀tì ti yí. Bí kò bá ya tí omi sì ń jo, gásíkẹ́ẹ̀tì ló rọ̀ tàbí bóòtì ló nà kọjá agbára rẹ̀, ẹni tó bá sì kàn tún fún un lórí omi tó ń tì í lè fọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì náà. Ó yẹ kó kọ́kọ́ pa pọ́ǹpù, kó tú omi tó wà nínú páìpù sílẹ̀, kó tó fọwọ́ kan sípánà.