Mélòó Ni ‘Dáadáa’? Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìwé Àlàkalẹ̀ Iṣẹ́ Wò Kí Owó Tó Jáde

Ojú ewé kan péré ni ìwé náà. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kan ní Ìbàdàn ló fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá àwọn kà á kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, torí wọ́n fẹ́ gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù tí ilé 40 yóò jọ máa lò. Ìwé àlàkalẹ̀ iṣẹ́ ni, ìyẹn ìwé tó ń sọ ohun tí agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ ṣe kó tó gba owó rẹ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé kí kànga náà jìn dáadáa, kí omi rẹ̀ pọ̀ tó fún àdúgbò, kí omi náà mọ́ kó sì ṣeé mu, kí wọ́n di ẹ̀gbẹ́ kànga náà bó ṣe yẹ, kí ẹ̀rọ rẹ̀ má bàjẹ́ rárá, kí wọ́n sì yẹ omi rẹ̀ wò bó bá pọn dandan.

Ta ni yóò gbọ́ èyí tí yóò ní kò dára? Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Gbogbo wa la fara mọ́ ọn nítorí pé oníkálukú ló ń fi ohun tó wà lọ́kàn tirẹ̀ dí àlàfo inú rẹ̀. Onílé ń ro omi tí yóò máa kún táńkì láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Agbaṣẹ́ṣe ń ro omi tó bá ṣáà ti tú jáde lọ́jọ́ tí wọ́n wá wò ó. Ọjọ́ tí ìyàtọ̀ náà bá hàn, owó ti jáde, ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ sì ti wà ní ìlú mìíràn.

Lọ́jà, a kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nájà. Ẹni tó fẹ́ ra gàrí kì í sọ pé kí wọ́n wọn èyí tó pọ̀ tó fún òun. Iye kóńgò tó fẹ́ ni yóò dárúkọ, yóò dúró ti oníṣòwò nígbà tó bá ń wọ̀n ọ́n, yóò sì wò ó bóyá ó bù ú lékè tàbí ó gé e lójú. Ó mọ òṣùwọ̀n, ó mọ ẹni tó ń wọ̀n, ó sì mọ ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni mo ń wá nínú gbogbo ìlà ìwé iṣẹ́. Ìlà tí kò bá ní wọn, àdúrà ni, kì í ṣe àdéhùn.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ rọrùn: bírò pupa ni mo mú, mo sì fa ìlà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé wọ̀n. “Dáadáa”, “tó”, “bó ṣe yẹ”, “bó bá pọn dandan”, “ojúlówó”, “kíákíá”, “àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ”. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti da àwọn tó mọ̀ ju wa lọ láàmú. Ní nǹkan bí ọdún 1996, àwọn onímọ̀ ní ibùdó Gọ́dáàdì ti àjọ NASA, ní ìpínlẹ̀ Mérílàǹdì ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní ARM. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ka ìwé àlàkalẹ̀, kó sì máa tọ́ka sí àwọn ọ̀rọ̀ tó rọ̀, bíi èyí tó túmọ̀ sí “tó bá yẹ” tàbí “tó bá tó”. Bí iye wọn bá ti ń pọ̀ sí i ni ìwé náà ṣe ń di èyí tí kò ṣeé gbára lé.

Nínú èdè tiwa, mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí ènìyàn kì í sábà fura sí: “wọ́n”. Kí wọ́n di ẹ̀gbẹ́ kànga náà. Ta ni “wọ́n”? Ṣé ẹni tó gbẹ́ ẹ ni, àbí bíríkìlà tí ẹgbẹ́ yóò pè? Àwa Yorùbá ń fi “wọ́n” sọ̀rọ̀ nígbà tí a kò fẹ́ dárúkọ oníṣẹ́, ó sì dùn gbọ́ lẹ́nu. Nínú ìwé iṣẹ́, bí kò bá sí orúkọ, kò sẹ́ni tí ẹ lè dá dúró pé òun ni kò ṣe é.

Ṣùgbọ́n fífa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kò tíì tó. Àyẹ̀wò kejì ni iṣẹ́ gan-an: mo máa ń gbìyànjú láti kọ ìdánwò tí a ó fi mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe ohun tí ìlà náà wí. Mo mú èyí tó ní kí omi pọ̀ tó, mo sì bi Alága ẹgbẹ́ pé ènìyàn mélòó ló wà nílé kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí a fi mẹ́fà ṣe é. Ilé 40, ènìyàn 240. A fẹnu kò sí 50 lítà fún ẹnì kan lójúmọ́, ìyẹn di 12,000 lítà. Wọ́n ní àwọn lè tan pọ́ǹpù fún wákàtí 8 lójúmọ́. Nítorí náà, 1,500 lítà ni kànga náà gbọ́dọ̀ máa mú wá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 25 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Dúrọ́ọ̀mù 200 lítà yóò kún ní ìṣẹ́jú 8. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè ka ìyẹn.

Síbẹ̀, dúrọ́ọ̀mù kan kò tó ẹ̀rí. Omi tó ti dúró sínú kànga láti ọjọ́ mélòó kan lè kún dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta kí kànga tó fi ara rẹ̀ hàn. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ́ pé agbaṣẹ́ṣe yóò fa omi náà fún wákàtí 24 láìdúró, ní 1,500 lítà fún wákàtí kan, àti pé aṣojú ẹgbẹ́ yóò máa wọn bí ojú omi ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú kànga. Bí wákàtí 24 bá pé, omi tó wà lórí pọ́ǹpù kò gbọ́dọ̀ dín sí mítà 5. Ìgbà tí a ó ṣe é náà ní láti wà nínú ìwé. Kànga tí a dán wò nínú oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò ti rin ilẹ̀ gbingbin, lè yege kó sì gbẹ nínú oṣù Kẹta. A kọ ọ́ pé bí iṣẹ́ bá parí nígbà òjò, a ó tún dán an wò láàárín oṣù Kejì sí ìparí oṣù Kẹta, a ó sì mú ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà dání títí di ìgbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ jíjìn ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Ọ̀kan nínú àwọn onílé ní ìyẹn rọrùn: kí a yọ “dáadáa” kúrò, kí a fi mítà 80 sí i. Òótọ́ ni pé mítà 80 ṣeé wọ̀n, okùn lásán ló ń fẹ́. Kódà ètò kọ̀ǹpútà ti Gọ́dáàdì kò ní rí ẹ̀bi kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń mu jíjìn? Àpáta líle ló wà lábẹ́ Ìbàdàn. Inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta náà àti inú àwọn sáńsán rẹ̀ ni omi ń gbé. Ẹlòmíràn lè rí omi tó tó ní mítà 45, kí ẹni tó wà ní òdìkejì títì gbẹ́ dé 100 kó bá àpáta gbígbẹ. Bí ìwé bá ní mítà 80, agbaṣẹ́ṣe tó gbẹ́ ihò gbígbẹ tó jẹ́ mítà 80 ti ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe, ẹ sì jẹ ẹ́ lówó. Nọ́ńbà lásán kò sọ ìlà di òótọ́. Ohun tí a ń fẹ́ gan-an ni kí a wọ̀n. A yọ ìlà jíjìn kúrò pátápátá, a sì jẹ́ kí ìlà omi dúró fún un.

Ti omi mímu kò gba àkókò, torí ìlànà ti wà nílẹ̀. Àjọ SON ti ìjọba àpapọ̀ ti tẹ ìlànà omi mímu jáde, NIS 554 ni wọ́n ń pè é. Ó ní kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀kan ṣoṣo nínú kòkòrò àìfojúrí tó ń ti inú ìgbẹ́ wá nínú 100 mìlílítà omi, ó sì fi ààlà sí ìpẹtà irin àti àwọn èròjà mìíràn. A kàn dárúkọ rẹ̀ sínú ìwé ni. Ibi tí a ti fara balẹ̀ ni bí a ó ṣe bu omi náà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ́ kànga tán, wọ́n máa ń da kúlọ́ríìnì sí i láti pa kòkòrò. Bí wọ́n bá bu omi lọ sí láàbù nígbà tí kúlọ́ríìnì náà ṣì wà níbẹ̀, èsì yóò mọ́ tónítóní, bí ìgbẹ́ ṣọ́kàwéè tilẹ̀ ń jò sínú kànga. A kọ ọ́ pé a ó kọ́kọ́ fa omi náà títí kò fi ní sí kúlọ́ríìnì nínú rẹ̀ mọ́, pé òṣìṣẹ́ láàbù fúnra rẹ̀ ni yóò bu ú sínú ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀, tí yóò sì gbé e dé láàbù láàárín wákàtí 6.

Dídí ẹ̀gbẹ́ kànga ní ìṣòro tirẹ̀. Mítà 6 àkọ́kọ́ láti òkè ni a ní kí agbaṣẹ́ṣe fi sìmẹ́ńtì pípò dí láàárín páìpù àti ilẹ̀, kí omi ìdọ̀tí má bàa ṣàn wọlé. Bí ilẹ̀ bá ti bo ibẹ̀, kò sí ojú tó lè rí i mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é nìkan ni a lè wò ó, nítorí náà a kọ ọ́ pé kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí aṣojú ẹgbẹ́ níbẹ̀, àti pé agbaṣẹ́ṣe yóò pè é ní ọjọ́ kan ṣáájú.

“Kí ẹ̀rọ má bàjẹ́ rárá” kò ṣeé dán wò, torí kò sí ọjọ́ tí ẹ lè sọ pé “rárá” ti pé. Ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ ni pé láàárín oṣù 12, bí pọ́ǹpù bá dákẹ́, agbaṣẹ́ṣe yóò dé láàárín ọjọ́ 2, omi yóò sì máa ṣàn padà láàárín ọjọ́ 7. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, owó tí a mú dání ni a ó fi tún un ṣe.

Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe náà ka ìwé tuntun, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè tọwọ́ bọ èyí. Ta ló mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀? Bí mo bá gbẹ́ ẹ tí omi rẹ̀ kò tó 1,500 ńkọ́?” Òtítọ́ ló sọ. A ti kọ ohun tí a fẹ́, a kò kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. A jókòó, a fi kún un pé onímọ̀ ilẹ̀ yóò yẹ ibẹ̀ wò ṣáájú, ẹgbẹ́ ni yóò sì sanwó rẹ̀. Bí omi bá wà láàárín 700 sí 1,500 lítà ní wákàtí kan, pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ ni agbaṣẹ́ṣe yóò gbé sí i, iye owó rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Bí kò bá tó 700, ihò gbígbẹ ni, owó gbígbẹ́ nìkan ni yóò gbà. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ìbáà ṣe ti kànga, ti òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti gọ́tà àdúgbò, ẹ mú bírò kí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan: mélòó, ta ni yóò wọ̀n ọ́n, ìgbà wo, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá pé. Tí ẹ kò bá rí èsì kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kan, ẹ dá ìwé náà padà fún ẹni tó kọ ọ́. Ẹ má tíì tọwọ́ bọ̀ ọ́.