Fáìlì Kékeré Tó Di Kọ́kọ́rọ́ Wíńdòsì 11 Lọ́wọ́ Mú

“This PC can't run Windows 11.” Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ rí nìyẹn nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Wíńdòsì 11 sínú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà. Ó máa ń yani lẹ́nu, pàápàá bí kọ̀ǹpútà onílé, ìyẹn èyí tó wà lórí tábìlì, bá jẹ́ tuntun tí kò sì ṣàìní ohunkóhun. Àmọ́ Wíńdòsì kò rí èyí tó wà lórí tábìlì. Èyí tí sọ́fítíwíà dá sílẹ̀ fún un nìkan ló ń yẹ̀ wò.

Láti ìgbà tí Wíńdòsì 11 ti jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni Máíkírósọ́fítì ti ń béèrè nǹkan méjì tó ń fa wàhálà yìí. Secure Boot ni àkọ́kọ́. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń tàn, á yẹ ìbuwọ́lù ètò tó fẹ́ gbé Wíńdòsì dìde wò, á sì fi wé àwọn kọ́kọ́rọ́ tó wà nípamọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí wọn kò bá bára mu, kò ní jẹ́ kí ètò náà ṣiṣẹ́. Èkejì ni TPM 2.0, ṣíìpù kékeré kan tó ń tọ́jú àṣírí, tó sì ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń tàn. Bí àkọsílẹ̀ ti òní bá yàtọ̀ sí ti àná, kò ní fi kọ́kọ́rọ́ dísìkì sílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà kò ní ṣíìpù kankan, nítorí náà sọ́fítíwíà ló gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé ó ní. Ẹ jẹ́ ká mú VirtualBox tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Kò ní TPM rárá títí di oṣù kẹwàá ọdún 2022 tí ẹ̀dà 7.0 jáde. Kó tó di ìgbà náà, ńṣe làwọn èèyàn ń tẹ Shift+F10 láàárín ìfisórí, tí wọ́n ń kọ `BypassTPMCheck` sínú rẹ́jísítìrì kí Wíńdòsì lè gbójú fò ó. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni, Máíkírósọ́fítì sì ti sọ pé òun kò ṣèlérí àtúnṣe fún ẹ̀rọ tí kò kúnjú ìwọ̀n.

Ní báyìí, bí èèyàn bá yan Windows 11 nígbà tó ń dá ẹ̀rọ tuntun sílẹ̀, VirtualBox fúnra rẹ̀ á tan nǹkan méjèèjì. Kí onítọ̀hún ṣì wo Settings, lẹ́yìn náà System, kó rí i pé TPM wà ní 2.0, pé a ti fi àmì sí UEFI àti Secure Boot. Mẹ́mórì kò gbọ́dọ̀ dín ní gígábáìtì 4, dísìkì kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 64.

Tí ẹ̀rọ bá tàn, “Press any key to boot from CD or DVD” á yọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹni tí kò bá tètè tẹ bọ́tìnnì kankan kò ní rí ojú ìfisórí, á sì máa rò pé Secure Boot ló dí òun lọ́nà. Kó tan án lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì múra sílẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìfisórí, ó dára kéèyàn wádìí. `tpm.msc` á fi 2.0 hàn. Nínú PowerShell tí a ṣí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, èyí gbọ́dọ̀ dáhùn True:

```
Confirm-SecureBootUEFI
```

Bó bá dáhùn False, ó lè jẹ́ pé a fi àmì sí Secure Boot ṣùgbọ́n kò sí kọ́kọ́rọ́ nínú rẹ̀. Kí a pa ẹ̀rọ náà, kí a sì tẹ Reset Keys to Default.

Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí a ti dúró díẹ̀ rèé. Ṣíìpù gidi kò ṣeé ṣe ẹ̀dà rẹ̀, àmọ́ TPM inú VirtualBox wà nínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.nvram`, nínú fóldà ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá lè ṣí fóldà yẹn lórí kọ̀ǹpútà onílé lè gbé dísìkì àti àṣírí rẹ̀ lọ pọ̀. Ìdáàbòbò náà kò lè ju ti kọ̀ǹpútà onílé fúnra rẹ̀ lọ.

Ó tún ní ewu mìíràn. Ká sọ pé ẹnì kan ti tan BitLocker nínú Wíńdòsì náà, tó wá ra kọ̀ǹpútà tuntun, tó sì gbé fáìlì dísìkì `.vdi` nìkan lọ síbẹ̀. TPM tuntun tí VirtualBox á dá sílẹ̀ kò mọ àṣírí àtijọ́, nítorí náà Wíńdòsì á béèrè kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà oní-nọ́ńbà 48. Bí kò bá ní in, gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì náà ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ síbòmíràn, kó kọ́kọ́ pa á pátápátá, kó wá kó gbogbo fóldà náà láìṣẹ́ fáìlì kan kù. Kó sì tẹ `manage-bde -protectors -get C:` ṣáájú, kó kọ nọ́ńbà 48 náà síbi tí kì í ṣe inú ẹ̀rọ yẹn.